Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Gbẹ́ Kànga Ẹ̀rọ sí Lẹ́yìn Omíyalé

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí omíyalé lé kúrò nílé ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ wa nípa kànga ẹ̀rọ, èyí tí a tún ń pè ní bóhóòlù. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Kànga tí ẹ ń fi okùn àti korobá fa omi nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti mu àgbàrá, àgbàrá náà sì ti gba inú ṣálángá àdúgbò kọjá kó tó débẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kí ẹ tó kó padà sílé, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó pinnu ni ibi tí ẹ ó gbẹ́ ẹ sí. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣeé pààrọ̀, páìpù tó jò ṣeé lẹ̀, ṣùgbọ́n ihò tí a bá ti gbẹ́ síbi tí kò yẹ kò ṣeé gbé kúrò.

Ìbàdàn jókòó lórí àpáta, bíi ti Abẹ́òkúta, Ìṣẹ́yìn, Ilé-Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́. Lókè ni ilẹ̀ tí a ń dáko sí wà. Amọ̀ ló sábà máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àpáta tó ti jẹrà tó sì ti rọ̀, kí a tó wá kan àpáta líle. Inú àpáta tó ti jẹrà yẹn àti inú ojú ibi tí àpáta líle ti là ni omi máa ń wà. Ibi tí àpáta kò bá là, tí èyí tó jẹrà kò sì nípọn, ẹ lè gbẹ́ 80 mítà kí ẹ má rí ju eruku lọ. Èyí ló fi máa ń ṣẹlẹ̀ pé ilé méjì bá ara wọn pín ògiri, omi ń ya gùùrù ní ọ̀kan, èkejì sì gbẹ. Nítorí náà, pé kànga aládùúgbò yín lómi kì í ṣe ẹ̀rí tó fún tiyín. Síbẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: mítà mélòó ni wọ́n gbẹ́, àti pé ṣé omi náà máa ń dín kù ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le? Ìdáhùn rẹ̀ yóò wúlò fún ẹni tó bá máa yẹ ilẹ̀ yín wò.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Èkó, Ìkòròdú tàbí etí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Iyanrìn lẹ ní lábẹ́, omi kì í ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni ìpele iyanrìn tí omi rẹ̀ dára, nítorí pé ti òkè sábà máa ń dọ̀tí, ti ibòmíràn a máa pọ́n bí ìpẹtà, ti etí ọ̀sà a sì máa níyọ̀. Orí ilẹ̀ àpáta ni àlàyé yìí dá lé láti ìhín lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣálángá, ẹ̀rọ àti táńkì kan gbogbo wa.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ilẹ̀ yín

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé irinṣẹ́ dé, ẹ mú ìwé kan, ẹ ya ilẹ̀ yín sí i. Ẹ fi ilé hàn, ọ̀nà, gọ́tà, àti ibi tí ilẹ̀ dà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbogbo ihò ẹ̀gbin hàn, ìyẹn ṣálángá, sọ́kàwéè àti èyí tí wọ́n ti dí pa. Kí ẹ má fi mọ sí tiyín nìkan. Ẹ tẹsẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò lọ́tùn-ún, lósì, lẹ́yìn àti lódìkejì ọ̀nà, kí ẹ béèrè ibi tí tiwọn wà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí onílé sá fún sọ́kàwéè tirẹ̀ tó sì lọ gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíràn, nítorí pé ògiri bò ó.

Ìjìnnà tí wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín kànga àti ihò ẹ̀gbin ni 30 mítà. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà lóròó, 120 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, tàbí 18 mítà sí 36 mítà, ó ṣòro kí ẹ tó rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, èmi kò ní gbà kó dín sí 15 mítà, bó ti wù kó rí. Kí kànga sì wà lápá òkè sí ihò ẹ̀gbin, nítorí pé omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí kò jìn sábà máa ń ṣàn lọ síbi tí ojú ilẹ̀ dà sí. Ẹ rántí pé àpáta tó là kì í sẹ́ omi bí iyanrìn ṣe ń sẹ́ ẹ. Ẹ̀gbin lè gba ojú ibi tó là lọ jìnnà láàárín ìgbà díẹ̀. Nítorí èyí, a kì í fi ìjìnnà nìkan gbára lé. Bí a ṣe dí ẹnu ihò kànga ṣe pàtàkì bákan náà, a ó sì débẹ̀.

Ohun tó kù tí ẹ ó kọ sórí àwòrán náà ni ibi tí omi ga dé. Ẹ wọn àmì ẹrẹ̀ tó wà lára ògiri láti ilẹ̀. Kí ẹ má fi mọ sí ti ọdún yìí: ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi dé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àti nígbà tí Ògùnpa ya ní ọdún 1980. Èyí tó ga jù lọ nínú wọn ni ẹ ó lò.

Ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ wò

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ilẹ̀ wò yóò kan ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Yóò fi iná kékeré ránṣẹ́ gba ti méjì tó wà lẹ́yìn òde, yóò sì fi méjì ti àárín wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná náà lọ́nà tó. Àpáta líle tó gbẹ máa ń dí i gan-an. Ibi tó jẹrà tó sì lómi kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i. Bó bá ṣe ń sún àwọn ọ̀pá òde jìnnà síra ni iná náà yóò ṣe máa wọlẹ̀ sí i.

Ibi tí ẹ ti lè mọ ẹni tó mọṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kó tó lè mọ ohun tó wà ní 40 mítà lábẹ́ ilẹ̀, ìlà láti ọ̀pá òde kan sí èkejì gbọ́dọ̀ gùn tó bí 160 mítà, ó kéré tán. Púlọ́ọ̀tì yín kò gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ na wáyà rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà tàbí gba ilẹ̀ aládùúgbò kọjá. Bí ẹnì kan bá dé, tó kan ọ̀pá rẹ̀ mọ́ inú ọgbà yín nìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó sì ní omi wà ní 45 mítà, àfọ̀ṣẹ ló ń ṣe. Ẹ ní kó yẹ ojú ibi méjì wò, ó kéré tán, kí ẹ lè ní èyí tí ẹ ó fi wé èkejì. Ẹ gba ìwé àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ bí àpáta tó jẹrà ṣe nípọn tó ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ń bá ara wọn jà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé orí púlọ́ọ̀tì kan ni ilé náà wà, ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń gbé ibẹ̀. Iwájú kọjú sí ọ̀nà, ó sì ga. Ẹ̀yìn dà sí odò. Sọ́kàwéè ilé náà wà ní igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ṣálángá aládùúgbò wà lápá òsì, nítòsí ògiri, ní ìdajì ọ̀nà sẹ́yìn. Igun iwájú lápá ọ̀tún ló jìnnà sí ẹ̀gbin jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30 mítà sí sọ́kàwéè, ó sì lé ní 20 mítà sí ṣálángá aládùúgbò. Ojú ibi kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lápá ọ̀tún kan náà, tí a bá wọlé ní nǹkan bí 8 mítà sí i. Ibẹ̀ sún mọ́ ẹ̀gbin díẹ̀: 22 mítà sí sọ́kàwéè, 19 sí ṣálángá.

Àyẹ̀wò wá fi hàn pé ní igun iwájú, àpáta líle ti bẹ̀rẹ̀ ní 9 mítà. Ní ojú ibi kejì, àpáta tó jẹrà nípọn dé 22 mítà. Èmi yóò mú ojú ibi kejì. Ihò tó jìnnà sí ẹ̀gbin tí kò sì lómi kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ṣùgbọ́n gbèsè wà lórí ìpinnu náà: nítorí pé a ti sún mọ́ ẹ̀gbin, a gbọ́dọ̀ dí ẹnu kànga jinlẹ̀ ju bí a ṣe máa ń ṣe lọ.

Kí ẹ tó gbà, ẹ gbójú sókè. Òpó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ga, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wáyà iná. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ náà lè gba géètì kọjá. Ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ ṣí lórí kànga títí láé, nítorí pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, òkè ni wọn yóò ti fa páìpù jáde. Ẹ má ṣe kọ́ ilé ìdáná lé e lórí.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò san owó bí kò bá sí omi, mítà mélòó ni wọn yóò gbẹ́ dé kí wọ́n tó dúró, iye mítà kéésìn tí wọn yóò fi sí i. Kéésìn ni páìpù gbọọrọ tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ihò mú kí ilẹ̀ má baà ya sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé kan dúró tì wọ́n. Kó máa bu eruku tó ń jáde ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta, kó tò wọ́n ní òkìtì-òkìtì sórí tapólì, kó sì kọ ibi tí omi ti kọ́kọ́ yọ. Àkọsílẹ̀ yìí ni ẹ ó fi mọ mítà tí ẹ ó san owó rẹ̀, òun náà ni pọ́nbà yóò sì fi mọ ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ wà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, wọ́n gbẹ́ ẹ dé 50 mítà. Kéésìn la àpáta tó jẹrà kọjá, ó wọnú àpáta líle ní 24 mítà. Omi yọ ní 31 mítà, ó tún yọ ní 43.

Nísinsìnyí ni iṣẹ́ tí àwọn agbẹ́kànga máa ń fò kọjá kù. Ihò tí wọ́n gbẹ́ tóbi ju kéésìn lọ, nítorí náà àlàfo wà láàárín kéésìn àti ilẹ̀ yíká. Bí wọ́n bá kàn fi erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde dí i, omi àgbàrá yóò gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gba àtẹ̀gùn. Símẹ́ǹtì tí a fi omi pò ni kí wọ́n dà sí i láti 6 mítà títí dé òkè, ó kéré tán. Nítorí ṣálángá tó sún mọ́ wa, a ó ṣe tiwa dé 10 mítà. Bí ihò bá jẹ́ ínṣì 8 tí kéésìn sì jẹ́ ínṣì 5, yóò gba nǹkan bí àpò símẹ́ǹtì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ẹ bá rí i pé ìdajì àpò kan ni wọ́n lò, ẹ ti mọ̀ pé erùpẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Orí kéésìn gbọ́dọ̀ yọ sókè ju ibi tí omi ga dé rí lọ ní ìdajì mítà. Bí àmì omi ní ojú ibi yẹn bá jẹ́ 0.6 mítà láti ilẹ̀, kéésìn yóò yọ jáde ní 1.1 mítà. Yóò dàbí ohun tí kò lẹ́wà níwájú ilé, àwọn ènìyàn yóò sì ní kí ẹ gé e. Ẹ má gbà. Ẹ da kọnkéré yí ìdí rẹ̀ ká, kó dà sẹ́yìn kí omi má baà dúró síbẹ̀, kí ẹ sì fi ìdérí tí ń dí pinpin bò ó.

Ẹ̀rọ ni a ń rà gbẹ̀yìn

Ẹ má ra ẹ̀rọ ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tiwọn fa omi fún wákàtí mẹ́fà lákòókò kan, kí wọ́n máa wọn bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú kànga. Korobá onílítà 20 àti aago tó láti fi mọ bí omi ṣe ń jáde tó. Nínú àpẹẹrẹ wa, omi wà ní 6 mítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fa korobá kan níṣẹ̀ẹ́jú kan, ó lọ sílẹ̀ dé 24 mítà, ó sì dúró síbẹ̀, kò lọ mọ́. Èyí túmọ̀ sí pé kànga náà lè fún wa ní lítà 20 níṣẹ̀ẹ́jú kan láìgbẹ.

Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi yóò wálẹ̀ ní mítà mélòó kan. Ẹ jẹ́ ká fi mítà márùn-ún sílẹ̀ fún un, kí omi wà ní 29 nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. A ó so ẹ̀rọ kọ́ ní 40 mítà. Kò gbọ́dọ̀ kan ìdí kànga, nítorí ẹrẹ̀ máa ń gbá jọ síbẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó rọrùn láti ṣírò. Omi yóò gòkè láti 29 mítà dé ojú ilẹ̀. Láti ilẹ̀ dé ẹnu táńkì lórí pẹpẹ rẹ̀ jẹ́ 6 mítà. Ẹ fi nǹkan bí 4 mítà kún un fún ìnira tí omi ń rí nínú páìpù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 40 mítà. Ẹ̀rọ tí a ń wá ni èyí tó lè gbé lítà 15 níṣẹ̀ẹ́jú kan dé gíga 40 mítà. Lítà 15 ni a mú dípò 20, kí kànga lè máa borí ẹ̀rọ. Ìdajì họọsi-páwà tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní àtẹ tó fi iye omi hàn ní gíga kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi 40 mítà hàn yín lórí rẹ̀.

Yóò gba táńkì onílítà 1,000 ní wákàtí kan àti díẹ̀ láti kún. Bí ènìyàn mẹ́sàn-án bá ń lo lítà 60 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, lítà 540 nìyẹn, nítorí náà táńkì kan tó wọn fún bí ọjọ́ méjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ tó tóbi ló dára, wọ́n á ra ti họọsi-páwà kan àtààbọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ń fa lítà 50 níṣẹ̀ẹ́jú kan nínú kànga tó ń sun 20, kò ní tó wákàtí kan tí yóò fi fa omi tán dé ara rẹ̀. Omi ló ń mú kí ẹ̀rọ náà tutù. Ẹ ó gbọ́ tí omi ń tú atẹ́gùn púfúpúfú lẹ́nu páìpù, omi náà yóò máa funfun bí omi ògì, yóò sì máa ṣẹ́. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá rí èyí. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, mọ́tò rẹ̀ yóò jó. Ẹ ní kí pọ́nbà fi swíìṣì tó ń dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí omi bá tán sí i, àti òmíràn nínú táńkì tí yóò dá a dúró bí táńkì bá kún.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ai-páàsì-mai-nébọ̀ kò lè gbé ẹ̀rọ yìí, nítorí pé iná tí ẹ̀rọ ń gbà nígbà tó bá ń ta kìjí pọ̀ ju èyí tó ń gbà lẹ́yìn náà lọ. Àpótí iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ògiri, lókè àmì omi.

Okùn ọ̀rá tó le ni wọ́n fi ń so ẹ̀rọ kọ́, pẹ̀lú páìpù ínṣì kan. Wáyà iná kò gbọ́dọ̀ ru ẹ̀rù kankan. Kí páìpù tó lọ sí táńkì má gba inú gọ́tà kọjá, kó má sì gba ẹ̀gbẹ́ sọ́kàwéè. Bí páìpù bá sán síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, ó lè fa ẹ̀gbin wọlé. Ẹ fi bálúfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí i, àti bálúfù títì kan níwájú kànga.

Táńkì tó kún wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ẹ má gbé e lé pákó. Ìdí táńkì gbọ́dọ̀ ga ju ṣáwà lọ ní mítà méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi yóò máa kán tótó ni. Ẹ fi páìpù tó ń lọ sínú ilé sí ìwọ̀n ìka mẹ́rin lókè ìdí táńkì, kí ẹrẹ̀ má baà bá omi lọ, kí ẹ sì fi òmíràn sí ìdí rẹ̀ gan-an fún fífọ̀.

Omi tó bá kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ti mímu, nítorí pé ọwọ́ àti irinṣẹ́ ti wọnú kànga. Nínú àpẹẹrẹ wa, omi inú ihò náà tó nǹkan bí lítà 800. A ó da lítà kan àti ìdámẹ́rin bílíìṣì ìfọṣọ tí kò ní òórùn dídùn, tí wọ́n kọ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí lára, sínú korobá omi kan, a ó sì dà á sínú kànga. A ó fa omi náà dé táńkì, a ó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé títí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde, a ó wá tì í fún òru kan. Lọ́jọ́ kejì ẹ fa á dànù sí gọ́tà títí òórùn yóò fi lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bu omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wo bóyá kòkòrò ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Títí èsì yóò fi dé, ẹ máa sè é. Bí wọ́n bá ní kòkòrò wà, ẹ tún da bílíìṣì sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún padà wá lẹ́yìn náà, ẹ yẹ dídí ẹnu kànga wò pẹ̀lú àwọn ihò ẹ̀gbin tó yí yín ká. Ẹ̀gbin ń wọ inú omi náà láti ibì kan nìyẹn, bílíìṣì nìkan kò sì ní tán an.